Ọmọ òòrẹ̀ gba èèrà lọ́wọ́ òjò

Ya àwòrán kan fún ìwé ìtàn àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6, kó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ní ìwọ̀n 4:3. Ọmọ òòrẹ̀ kan ni akọni wa. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn létí odò kékeré nínú igbó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ewé fífẹ̀ kan sókè, kí òjò má baà pa èèrà márùn-ún tó ń to gba orí ẹ̀ka igi kọjá omi. Òun fúnra rẹ̀ ti tutù.

Ojú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ojú ńlá, dúdú, tó ń dán, ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́nu. Jẹ́ kí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ lójú, kó tẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan rọ̀ sórí ṣóńṣó wọn. Ọmọdé tó bá rí i gbọ́dọ̀ fẹ́ gbá a mọ́ra.

Ọ̀dà olómi ni kó jọ: àwọ̀ tó fẹ́lẹ́, tó ń ṣàn wọnú ara wọn, tí etí rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ níbi tí omi ti gbẹ, kí hínhun bébà sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ewé tútù, ilẹ̀ aláwọ̀ igi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín igi. Má fi ìlà dúdú nínípọn yí nǹkan kan ká.

Wò ó láti ìsàlẹ̀, ní déédéé ojú èèrà. Fi òkè apá òsì sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀rọ̀ ìtàn. Kò gbọ̀dọ̀ sí lẹ́tà kankan, ènìyàn, tàbí mànàmáná tó lè dẹ́rù ba ọmọ.