Àlàyé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣeéṣe: ká jọ yẹ igi yẹn wò

Àbúrò mi,

Mo ti rí ìwé tí o fi ránṣẹ́. O fa ìlà méjì sábẹ́ 15/28, ìdáhùn ìbéèrè bọ́ọ̀lù inú àpò, o wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Níbo lèyí ti wá?" Inú mi dùn pé o bèèrè, torí ọ̀pọ̀ wa ló kàn ń dà á kọ ni. Mú bírò, ká tún igi ìṣeéṣe náà fà, àwòrán tí ẹ̀ka rẹ̀ ń fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ hàn.

Bọ́ọ̀lù 8 wà nínú àpò: pupa 5, dúdú 3. A mú ọ̀kan láìwò, a ò dá a padà, a tún mú ìkejì. Kí ni ìṣeéṣe pé àwọ̀ méjèèjì máa yàtọ̀ síra? Láti ìdí igi, ẹ̀ka méjì ló yọ: pupa 5/8, dúdú 3/8. Rò wọ́n pọ̀ kó o tó kúrò níbẹ̀: 8/8, ìyẹn 1. Ibikíbi tí igi bá ti yà, àwọn ẹ̀ka ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 1, torí dandan ni kí ọ̀kan nínú wọn ṣẹlẹ̀.

Ibi ìkejì lo ti ṣìnà. Tó bá jẹ́ pupa la kọ́kọ́ mú, pupa 4 àti dúdú 3 ló kù. O kọ 4/8 àti 3/8. Rò wọ́n pọ̀: 7/8. Kò pé. Bọ́ọ̀lù kan ti jáde, 7 ló kù nínú àpò, nítorí náà 4/7 àti 3/7 ni. Tó bá jẹ́ dúdú la kọ́kọ́ mú, pupa 5 àti dúdú 2 ló kù: 5/7 àti 2/7.

Kí ló dé tá a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀ bá a ṣe ń tọ ẹ̀ka lọ? Olùkọ́ yára kọjá níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní a ṣe eré yìí nígbà 56, tí gbogbo rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí ìṣirò ṣe sọ. Ìdá 5/8 nínú 56 jẹ́ 35: ìgbà 35 ni pupa kọ́kọ́ jáde. Nínú 35 yẹn nìkan la ti máa mú 4/7, ó sì jẹ́ 20. Ìdá kan nínú ìdá mìíràn ni, òun ló fi jẹ́ 5/8 × 4/7 = 20/56. Yẹ ìyókù wò bákan náà:

pupa, dúdú: 5/8 × 3/7 = 15/56
dúdú, pupa: 3/8 × 5/7 = 15/56
dúdú, dúdú: 3/8 × 2/7 = 6/56

20 + 15 + 15 + 6 = 56. Ó pé.

Ìbéèrè ni pé kí àwọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọ̀nà méjì ló dé ibẹ̀, wọn ò sì lè ṣẹlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tá a fi rò wọ́n pọ̀: 15/56 + 15/56 = 30/56. Fi 2 pín òkè àti ìsàlẹ̀, 15/28 rẹ nìyẹn.

Igi kejì, ti àyẹ̀wò àìsàn, ló gba sùúrù. Ẹni 1 nínú 100 ló ní àìsàn náà. Àyẹ̀wò ń rí 90 nínú 100 àwọn tó ní i, ó sì ń fẹ̀sùn kan 5 nínú 100 àwọn tí kò ní i. Ẹ̀ka aláìsàn: 0.01 × 0.90 = 0.009, àti 0.01 × 0.10 = 0.001. Ẹ̀ka onílera: 0.99 × 0.95 = 0.9405. Èyí tó kù, 0.99 × 0.05, a kọ ọ́ sójú pátákó pé 0.495, o sì dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Rò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: 1.4455. Ó ti kọjá 1, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe láé. Òdo kan ló jábọ́ lẹ́yìn àmì, 0.0495 ni. Ní báyìí, 0.009 + 0.001 + 0.0495 + 0.9405 = 1.

Bí àyẹ̀wò bá wá sọ pé ẹnì kan ní àìsàn yìí, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ó ní i lóòótọ́? Rò ọ̀nà méjì tó ń fa èsì yẹn pọ̀: 0.009 + 0.0495 = 0.0585. Lẹ́yìn náà, 0.009 ÷ 0.0585 jẹ́ 2/13, bí 0.154. Tí kò bá wọnú ọkàn rẹ, ka ènìyàn 10,000: aláìsàn 100, àyẹ̀wò mú 90 nínú wọn, onílera 9,900, ó mú 495. Nínú 585 tó mú, 90 péré ló ní àìsàn náà. Èmi náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà.

Padà sí àpò bọ́ọ̀lù. Wá ìṣeéṣe pé ó kéré tán, pupa kan máa jáde. Kọ́kọ́ rò ọ̀nà mẹ́ta pọ̀, lẹ́yìn náà yọ dúdú-dúdú kúrò nínú 1. Tí méjèèjì ò bá bára mu, fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní.