Aró: ẹsẹ méjì lórí bíìtì 80

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn. Mo ti gbọ́ bíìtì tí ẹ fi ránṣẹ́ títí, ọ̀rọ̀ ti jókòó lé e. Ìyá àgbà mi tó ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo fi kọ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹ máa fojú bá mi lọ nígbà tí mo bá wà nídìí máìkì.

Bí mo ṣe pín in nìyí. Bíìtì yín ń lu 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù mẹ́rin ni ìlà kan, ìṣẹ́jú àáyá 3 nìyẹn. Mo pín ìlù kọ̀ọ̀kan sí àyè 4, ìlà kan wá di àyè 16. Sílébù kan, àyè kan. Níbi tí ẹ bá ti rí /, mo dákẹ́ fún àyè 2; // jẹ́ àyè 4, odidi ìlù kan. Iye sílébù wà níparí ìlà. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ìdákẹ́, 16 ni yóò máa jẹ́. Ìró tí mo bá fà, bí “rèé”, méjì ni mo kà á sí, “ń” náà sì jẹ́ ọ̀kan.

ẸSẸ KÌÍNÍ

1. Ìtòkú, / ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, màmá ti jí / (12)
2. Wọ́n ṣíkòkò aró, / wọ́n fimú fà á: “Ó ti jí” (14)
3. Ewé ẹlú la gún, la ṣù, / la wá sá sóòrùn (14)
4. Omi eérú: tó / tó / mo kà á, mo sùn (12)
5. Ìyẹ́ adìẹ lọ́tùn-ún, / ẹ̀kọ láwo lósì (14)
6. Wọ́n ń falà, wọ́n ń kọrin, / ọwọ́ ò gbọ̀n, kò ṣì (14)
7. Olókun rèé o / Ìbàdàndùn rèé / (12)
8. Mo panu dé // Gángan, gbé e // (8)
9. Aṣọ bọ́ sáró, ó jáde, / ewé ló jọ lójú (14)
10. Atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, / ó di sánmà tó dú (14)
11. Lẹ́ẹ̀kan / lẹ́ẹ̀mejì / lẹ́ẹ̀mẹta o (12)
12. “Màmá, ó tó?” / “Kò tó.” / “Ó tó?” / “Kò tó.” (10)
13. Ó di ìgbà tí apá wọn / dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ (14)
14. Ọṣẹ dúdú ò lè fọ̀ ọ́, / èdìdì ni lọ́wọ́ (14)
15. Owó ilé ìwé mi, / inú aró ló ti wá (14)
16. Ẹni bá mọ̀ // kó lù ú wá // (8)

Orúkọ ọnà àdìrẹ ni Olókun àti Ìbàdàndùn tó wà ní ìlà 7. Ìlà 12 ni kí ẹ fetí sí jù. Pàtẹ́wọ́ yín máa ń bọ́ sórí ìlù kejì àti ìkẹrin. Mo ti wò ó, inú ìdákẹ́ tó ṣáájú “Kò tó” kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ sí. Pàtẹ́wọ́ á dún, màmá á wá kọ̀. Ẹ má sún un síwájú tàbí sẹ́yìn rárá. Ohùn méjì ni mo máa gbà á sílẹ̀: ti ọmọ lókè, ti màmá nísàlẹ̀, kí “ó” má bàa lọ jọ “kò”.

Ní ìlà 8 àti 16, ẹ yọ ìlù ẹ̀rọ kúrò, ẹ fi gángan nìkan sílẹ̀. Ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ gba sílébù mẹ́rin gan-an, kí onígángan fi “kì í ráhùn” dí i. Kó má fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹ má sì ní kí n kígbe “yéè” sórí ẹ̀, àyè onílù nìyẹn.

ÈGBÈ

Agbe ló laró o // kì í ráhùn aró (12)
Àlùkò ló losùn // kì í ráhùn osùn (12)
Lékèélékèé lẹ́fun / kì í ráhùn ẹfun (14)
Màmá ló laró // kí n má ráhùn aṣọ (12)

Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkẹrin ni tèmi. Ohùn obìnrin ni mo fẹ́ níbẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má tẹ orin náà kọjá bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́; gángan ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ohùn wọn bá ta kora, àwọn àgbà á fi wá rẹ́rìn-ín.

ẸSẸ KEJÌ

1. Ìtòkú lónìí o, / aṣọ ẹ̀rọ ló pọ̀ jù (14)
2. Ẹ̀rọ tẹ ọgọ́rùn-ún, / màmá ṣì ń rọra lù (14)
3. Ó wọkọ̀ ojú omi, / ó gba Àpápá wọlé (14)
4. Yí inú rẹ̀ síta wò, / kò sí àdìrẹ nílé (14)
5. Ti màmá: / iwájú aró, / ẹ̀yìn aró (12)
6. Bó o gbé e fọ́mọ ọmọ, / ìtàn rẹ̀ á dúró (14)
7. Oníbàárà ní “Èló?” Wọ́n sọ iye, / ó fò (14)
8. “Ó wọ́n kọjá!” // Màmá wò ó // (8)
9. “Ẹ̀ ń náṣọ, àbí ọwọ́? (8)
10. Ọdún mélòó ló wọ̀ ọ́? (8)
11. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀rọ, (8)
12. Ọ̀nà nìyẹn, kó máa lọ.” (8)
13. Mo bọ́ sórí pèpéle, aró lára látòkè délẹ̀ (16)
14. Wọ́n ní “Ta ló rẹ ẹ́?” Mo ní “Màmá ni, wọ́n ṣì wà ńlẹ̀” (16)
15. Aró ò tíì tán nínú odù, / odù ò fọ́ (14)
16. Mo panu dé // Gángan, o gbọ́? // (8)

Láti ìlà 9 dé 12, màmá ló ń sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í kánjú: sílébù kan gba àyè 2 níbẹ̀, kò sí ìdákẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan máa lọ lábẹ́ wọn. Ìlà 13 àti 14 wá jẹ́ sílébù 32 tí mi ò ní mí láàárín wọn. Màá gé “lọ” ìlà 12 kúrú kí n fi rí èémí fà, torí náà bí ẹ bá gbọ́ èémí níbẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Gbogbo ìlù á padà lórí “Mo bọ́” ìlà 13, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ègbè á tún wá lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá fi ìlà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ onígángan kó dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a jọ gba ìlà 8 àti 16 sílẹ̀ pọ̀. Mi ò fẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn.