Eyín erin tó wà ní ààfin: ìdáhùn sí ìbéèrè lórí lẹ́tà James Phillips, 1896

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ka Àyọkà A. Fi ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí o mọ̀ nípa ìtàn Ìbíní ṣàlàyé bí àyọkà náà ṣe wúlò tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣígun lọ sí Ìbíní ní 1897. Sọ̀rọ̀ lórí ojúsàájú òǹkọ̀wé, ohun tó ń wá tó fi kọ ọ́, àti àwọn tó kọ ọ́ sí. (Máàkì 20)

ÀYỌKÀ A

Apá kan nínú lẹ́tà ìròyìn tí James Phillips, adelé kọ́ńsù àgbà ní ilẹ̀ àbò Etíkun Ọya, kọ sí ilé-iṣẹ́ Lọ́ọ̀dù Salisbury ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1896. A ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

"Nítorí náà, mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ Lọ́ọ̀dù láti ṣe àbẹ̀wò sí ìlú Ìbíní ní oṣù Kejì tó ń bọ̀, láti rọ Ọba Ìbíní lóyè kí n sì mú un kúrò, kí n fi ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí n sì gbé ìgbésẹ̀ mìíràn tó bá yẹ láti ṣí ilẹ̀ náà sílẹ̀. N kò retí pé àwọn ará ilẹ̀ náà yóò bá wa jà gidi. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló ń fi hàn pé inú wọn yóò dùn láti bọ́ lọ́wọ́ ọba wọn. Ṣùgbọ́n kí ewu má baà wu wá, mo fẹ́ kó ọmọ ogun tó tó dání: 250 sójà, àgbá méjì tí ọta wọn wúwo tó pọ́n-ùn méje, ìbọn Máàsìmù kan àti ẹ̀rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, pẹ̀lú 150 sójà Háúsá láti Èkó.

Mo fẹ́ fi kún un pé mo ní ìdí láti retí pé eyín erin tó wà ní ilé Ọba yóò tó san owó tí a bá ná láti mú un kúrò lórí àpèrè rẹ̀."

ÌDÁHÙN

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ó dà bí ìgbà tí òǹkọ̀wé ti fẹ́ fi kálàmù sílẹ̀, tó wá rántí nǹkan kan: "Mo fẹ́ fi kún un." Ohun tó rántí náà ni owó. Ẹni tó bá ń ròyìn ìwà ọba kan fún àwọn tó fẹ́ mọ bí ọba náà ṣe ń ṣèlú kò níí ṣírò eyín erin ààfin mọ́ ọn. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá tó há ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ìròyìn ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ fún àyè láti jagun.

Ta ni ó wá ń bẹ̀? Lọ́ọ̀dù Salisbury ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, òun náà ló sì ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yìí ni ilẹ̀ àbò Etíkun Ọya wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó Èkó ni. Àwọn tó máa ka lẹ́tà náà jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò mọ Ìbíní, ohun méjì ló sì ń bà wọ́n lẹ́rù: kí ogun kékeré má di ńlá mọ́ wọn lọ́wọ́, kí owó má sì jáde nínú àpò ìjọba. Bí a bá tún àyọkà náà kà pẹ̀lú èyí lọ́kàn, a ó rí i pé ìbéèrè tí wọn ò tíì bi í ni Phillips ń dáhùn. Ṣé ogun náà yóò le? Rárá, inú àwọn ará ìlú yóò dùn. Bí ó bá wá le ńkọ́? Mo ní àgbá. Ta ni yóò sanwó? Ọba fúnra rẹ̀, láti inú ilé rẹ̀.

Ibi tí ìdáhùn àkọ́kọ́ àti èkejì ti takora ni ojúsàájú rẹ̀ ti hàn jù lọ. Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ kí ọba wọn lọ lóòótọ́, kí ni 400 sójà, àgbá méjì, ìbọn Máàsìmù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Gbólóhùn méjì yìí ò lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbá ni mo gbà gbọ́, nítorí pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó dání máa ń fi ohun tó ń retí hàn. Ní ti ayọ̀ àwọn ará Ìbíní, níbo ni Phillips ti gbọ́ ọ? Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú Ìbíní nígbà tó ń kọ̀wé yìí, kò sì tíì pẹ́ tó gba iṣẹ́ adelé nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Ralph Moor, wà ní ìsinmi. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òyìnbó odò Ìbíní àti àwọn alágbàtà Ìtsẹkírì, àwọn tí ọjà ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nígbàkígbà tí Ọba bá ti ọ̀nà òwò. Phillips kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. "Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀," ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ ká fi ojú sí: "àbẹ̀wò." Nínú gbólóhùn kan náà tó ti ní òun fẹ́ ṣe àbẹ̀wò ló ti ní òun yóò rọ ọba lóyè. A ò mọ àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn onílé láti wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣí ilẹ̀ náà sílẹ̀" náà rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ilẹ̀ náà tì pa, bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń bá òyìnbó ṣòwò láti ìgbà àwọn Potogí ni. Ohun tí ìjọba Phillips ò fẹ́ ni pé Ọba ló ń pinnu ẹni tó máa tà, ohun tó máa tà, àti iye owó ibodè. Lójú Ọba Ovonramwen, ẹ̀tọ́ ìtẹ́ ni. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ó ta ko àdéhùn tí Gallwey, igbákejì kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, bá Ìbíní ṣe ní oṣù Kẹta 1892, èyí tó ní kí ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ ni ẹgbẹ́ méjèèjì gbọ́ nínú ìwé kan náà, ẹyọ kan ni Phillips sì gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Kò ṣòroó mọ ìdí tó fi ká a lára. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ni ìjọba ilẹ̀ àbò náà fi ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí epo pupa àti ekùrọ́ kò bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó, owó oṣù òṣìṣẹ́ á ṣe segesège. Wọ́n sì ti ṣe irú èyí rí: Jaja ti Òpóbò ní 1887, Nana Olomu ti Ìtsẹkírì ní 1894, ọba oníṣòwò méjì tí wọ́n mú kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe báyìí yóò rí Ovonramwen gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta tó kàn. Mi ò sọ èyí láti dá Phillips láre. Mo ń sọ ọ́ kí a má baà rò pé ìkórìíra tirẹ̀ nìkan ló wà nínú lẹ́tà náà. Ojúsàájú ibi iṣẹ́ ni.

Ṣé ó yẹ ká wá sọ ọ́ nù? Ọ̀pọ̀ ìdáhùn máa ń dúró síbi tí wọ́n ti rí ojúsàájú, wọ́n á ní "nítorí náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé", wọ́n á sì gbé kálàmù sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè. Bí ó bá jẹ́ ìwà Ọba tàbí ọkàn àwọn ará Ìbíní ni, àyọkà yìí kò tó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn ni ìbéèrè wa ń wá, lórí ìyẹn, mi ò mọ ẹ̀rí tó dáa jù ú lọ. Lẹ́tà abẹ́lé ni, òǹkọ̀wé ò retí pé ará Ìbíní yóò rí i láéláé, ìdí nìyẹn tí kò fi fi ohunkóhun bò. Ojúsàájú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí.

Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ìtàn tí wọ́n gbé kiri lẹ́yìn náà ni pé ogun oṣù Kejì 1897, tí Ọ̀gágun Rawson darí, tó sì gba ìlú Ìbíní ní ọjọ́ 18, jẹ́ ìjìyà fún pípa tí wọ́n pa Phillips àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 4 oṣù Kínní. Ka ọjọ́: láti 16 oṣù Kọkànlá dé 4 oṣù Kínní jẹ́ ọ̀sẹ̀ méje géérégé. Kò sẹ́ni tó tíì kú. Síbẹ̀, oṣù Kejì náà ni Phillips fẹ́ lọ, yíyọ Ọba kúrò náà ló sì fẹ́ ṣe. Pípa tí wọ́n pa á jẹ́ kí ogun náà tóbi sí i, ó sì jẹ́ kí Lọ́ńdọ̀nù má ṣe lọ́ra mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbì kan. Lẹ́tà yìí kò fi hàn pé ìrìn àjò oṣù Kínní fúnra rẹ̀ jẹ́ ogun. Phillips kò kó àgbá náà dání. Àwọn arẹrù ló pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun kò sì dúró gba èsì Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó ní kí ó fi iṣẹ́ náà falẹ̀, kó tó gbéra. Boisragon, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó méjì tó yè, fi yéni pé àlàáfíà ni wọ́n bá lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọba ti ránṣẹ́ pé kó dúró nítorí ọdún Igue, ó kọ̀ kò dúró, àwọn ìjòyè tó rí i tó ń bọ̀ kò sì ní ìdí kankan láti rò pé ire ló ń gbé bọ̀. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà yìí fi hàn pé ìfura wọn kò jìnnà sí òtítọ́, bí wọn ò tilẹ̀ rí lẹ́tà náà.

Àyọkà lásán náà ni, ẹlòmíràn ló yan ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa, ìtumọ̀ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí Phillips gbà ro ẹjọ́ rẹ̀ kí ó tó dé "nítorí náà" yóò ní láti ka ohun tó ṣáájú. Mo sì fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n sọ nígbà ẹjọ́ Ovonramwen ní oṣù Kẹsàn-án 1897, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kàlàbá níbi tó kú sí ní 1914, àti ìtàn ẹnu tí Jacob Egharevba kó jọ láti ẹnu àwọn àgbà Ìbíní. Fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe, lẹ́tà yìí tó. Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti Ughoton ní ọjọ́ 4, ẹlòmíràn ni a ó bi, torí ẹni tó kọ lẹ́tà náà kò padà wá sọ ọ́.