Ẹ Káàbọ̀ sí Ìdí Ààrò Ẹ̀pẹ́

(Ó ṣí ìdérí ìkòkò.)

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìdí Ààrò Ẹ̀pẹ́ rèé, oúnjẹ Yorùbá la máa ń sè níbí. Ìkọ́kọrẹ́ lẹ ń wò yìí. Ewùrà tí mo rin ni mò ń fọwọ́ bù sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tètè rò ó o, kó má baà di àmàlà mọ́ yín lọ́wọ́! Ọjà Olúwo ni mo ti ra ẹja rẹ̀.

Fídíò tuntun ń jáde lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 alẹ́. Ní Sátidé, aago 10 àárọ̀, a jọ ń lọ sọ́jà ni. Tí ààwẹ̀ bá dé, aago 3 ọ̀sán ni, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan sè kẹ́ ẹ tó ṣínu.

Ẹ tẹ agogo ìsàlẹ̀ yẹn, á máa ta yín lólobó.