Ìwé fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ sítúdíò: pánẹ́ẹ̀lì oníhò, ọ̀nà ohùn àti ẹ̀dà fáìlì

Àbúrò mi,

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fa kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ka ìwé yìí níwájú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

Ihò 48 ló ní: 24 lókè, 24 nísàlẹ̀. Òkè ni ohùn ti ń jáde, ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀. Bí wáyà kankan ò bá sí níbẹ̀, ohùn á ti òkè bọ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀: píríáńpù 1 dé 8 ń lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà. Bí o bá ki wáyà bọ ihò òkè, ohùn á pín sí méjì, ọ̀nà tó wà tẹ́lẹ̀ ò ní já. Ihò ìsàlẹ̀ ló ń já a. Nítorí náà, bí olórin bá ń kọrin tí kọ̀ǹpútà ò gbọ́ nǹkan kan, ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé wáyà síbẹ̀.

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ló wà ní 9 àti 10. A ò so òkè wọn mọ́ ìsàlẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó, torí ohun tó jáde á padà wọnú ara rẹ̀, á sì máa hú. Láti lò ó fún ohùn olórin, ki wáyà láti òkè 1 sí ìsàlẹ̀ 9, kí o tún ki òmíràn láti òkè 9 sí ìsàlẹ̀ 1.

Ihò 17 dé 24 ni maikirofóònù ń gbà wọlé. Jọ̀ọ́, pa iná 48 V kí o tó fọwọ́ kan wáyà níbẹ̀, kí o sì dúró díẹ̀ kí ó tán. Bí ṣọ́ńṣó wáyà bá ṣe ń wọ ihò, ó lè kan ibi tí kò yẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó láti ba maikirofóònù onírìbọ́ọ̀nù jẹ́. Rẹ ohùn sipíkà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Láìsí àwáwí, gbígbẹ ni mò ń gba ohùn sílẹ̀: 48 kHz, bíìtì 24, kí ohùn máa rìn nítòsí -18 dBFS. Etí olórin nìkan ni ìró gbọ̀ngàn ń lọ, kì í wọ fáìlì. Bí iṣẹ́ bá parí, yọ gbogbo wáyà. Ẹni tó bá wọlé lọ́la gbọ́dọ̀ bá pánẹ́ẹ̀lì lófìfo.

Ẹ̀dà fáìlì ló ká mi lára jù. Kí olórin tó kúrò ní ìjókòó ni kí o ti ṣe èyí:

```
rsync -avc /Volumes/ISE/ /Volumes/EDA1/
```

Má fi `--delete` kún un láé. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ nínú `ISE`, á pa ti `EDA1` náà rẹ́. `EDA2` ń lọ sílé ọ̀gá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì; kò gbọdọ̀ sùn sítúdíò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣí iṣẹ́ àtijọ́ kan láti inú `EDA2`, kí o sì gbọ́ ọ dópin, torí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, a ò mọ̀ bóyá ó dára.

Wáyà pupa tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ti ń ṣẹ́ lẹ́nu. Mo ti sọ fún ọ̀gá, tuntun ń bọ̀.