Ìwé Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí Owó Òfò Iná tí Ẹ Kọ̀ láti San

Ṣọ́ọ̀bù 14, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
20 Oṣù Karùn-ún, 2024

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Owó Òfò, Ilé-iṣẹ́ Adójútòfò
Ìwé àdéhùn nọ́ńbà F/IB/0417/23: iná tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ 9 Oṣù Kẹta, 2024

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo rí ìwé yín ti 3 Oṣù Karùn-ún gbà. Ẹ ní ẹ kò ní í san kọ́bọ̀ lórí aṣọ tó jóná ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí pé iná mànàmáná ló fà á, pé ọ̀kan nínú agolo ìpaná méjèèjì ti kọjá àkókò, àti pé ìwé mi kò pé. Ti ìwé tó kù, òótọ́ lẹ sọ, mo sì ti kó wọn mọ́ lẹ́tà yìí. Méjì tó ṣáájú ni mi ò gbà.

Abala 6(d) lẹ fi dá mi lóhùn lórí iná mànàmáná. Ohun tí abala náà yọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ tàbí wáyà tí iná tó pọ̀ jù tàbí wáyà tó kan ara wọn bá bà jẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ yẹn gan-an. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, tí ìwé yín kò mẹ́nu bà, ní bí iná bá ti ibẹ̀ ran ohun mìíràn, ohun mìíràn yẹn wà lábẹ́ àdéhùn. Ìwé panápaná (Àsomọ́ 1, tó jáde ní 16 Oṣù Kẹrin) sọ pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù, lára ògiri ẹ̀yìn, ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà ibẹ̀ yọ́ títí bàbà rẹ̀ fi ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀. Láti ibẹ̀ ló gun àjà, kó tó já bọ́ sórí pákó léèsì àti àǹkárá. Ẹ̀rọ kan ló bà jẹ́ fúnra rẹ̀. Aṣọ ní tiwọn, iná ló jó wọn.

Nítorí náà, mo yọ ẹ̀rọ amúlétutù (₦420,000) àti sítábíláísà (₦180,000) kúrò nínú ohun tí mo béèrè. Kò yẹ kí n ti fi wọ́n sí i.

Ní ti agolo ìpaná, abala 9 ní kí a máa yẹ méjèèjì wò lọ́dọọdún. Ìwé pélébé tó wà lọ́rùn èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi hàn pé àkókò rẹ̀ pé ní Oṣù Kejì. Ti ẹ̀yìn ṣì dára di Oṣù Kẹsàn-án (fọ́tò wọn ni Àsomọ́ 2). Ṣùgbọ́n aago 11 alẹ́ ni iná yìí, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ì bá gbé agolo kankan. Abala 55 nínú Òfin Adójútòfò ti 2003 kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fi májẹ̀mú kan dá ara rẹ̀ láre àyàfi tó bá kan ewu tàbí òfò náà gan-an. Èyí kò kàn án.

Abala 8 ní kí ìwé ọjà wà nínú àpótí tí iná kò lè jó tàbí nínú ilé mìíràn tí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì. Ilé mi ní Òkè-Àdó ni ìwé ọjà tèmi wà, ìdí nìyẹn tí kò fi jóná. Òun ni Àsomọ́ 3. Ọjà tí a tà lọ́jọ́ iná gan-an ló kẹ́yìn nínú rẹ̀. Àsomọ́ 4 ni ìwé ọlọ́pàá. Àsomọ́ 5 ni rìsíìtì 23 àti sítétímẹ́ǹtì báńkì oṣù mẹ́fà. Mo ti fi nọ́ńbà kan náà sàmì sí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan àti owó tó bá a mu nínú sítétímẹ́ǹtì. Ẹrù méjì, ₦640,000, ni rìsíìtì wọn ti sọnù. Ìwé ìbúra kóòtù lórí wọn ni Àsomọ́ 6. Bí ẹ bá ṣiyèméjì lórí méjì yẹn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n má dá ìyókù dúró.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Aṣọ tó jóná jẹ́ ₦7,500,000. Ọjà ₦15,000,000 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà, ₦12,000,000 ni mo sì fi ṣe àdéhùn, nítorí náà abala 11 fi mí sí ìdá 80 nínú 100: ₦6,000,000. Ẹ yọ ìdá márùn-ún nínú 100 tí èmi fúnra mi máa ń gbé, ₦300,000. Ó ku ₦5,700,000. Aṣọ tí omi nìkan kàn ṣì wà nínú báálì mẹ́rin, mi ò tíì tà á. Kí aṣàyẹ̀wò yín wá wò ó kó tó hu.

Ní 22 Oṣù Kẹta ni mo fi ìbéèrè mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, òǹtẹ̀ yín wà lórí ẹ̀dà mi. Ọjọ́ 90 tí abala 70 nínú òfin kan náà fún yín yóò pé ní 20 Oṣù Kẹfà. Mo ń retí èsì lórí ìwé títí di 10 Oṣù Kẹfà. Bí ẹ bá tún kọ̀, ẹ sọ abala tí ẹ gùn lé àti gbólóhùn rẹ̀ ní kíkún, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Àjọ NAICOM ni n ó kó gbogbo ìwé yìí lọ bá.

Ẹ̀dà ni gbogbo àsomọ́ yìí. Ojúlówó wọn wà lọ́wọ́ mi, ẹ lè wá wò ó nígbàkigbà.

Èmi ni tiyín,
Mọ́rẹ́nikẹ́ Adéoyè
Olówó ọjà