Ìkéde fún Gbogbo Ènìyàn: Omi Ẹ̀rọ Yóò Dáwọ́ Dúró ní Àdúgbò Mẹ́rin ní Ìlú Ìlọrin

Páìpù ńlá tó ń gbé omi láti ìsédò Asà wọ ìgboro Ìlọrin ti sán lábẹ́ ilẹ̀, omi sì ti ń ya dànù sójú títì. Nítorí àtúnṣe rẹ̀, Iléeṣẹ́ Omi Ẹ̀rọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara ń fi tó gbogbo ará ìlú létí pé omi ẹ̀rọ kò ní yọ ní Pàkátà, Ọjà Ọba, Òkèléle àti Gàmbàrí, láti aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun (Àtàláátà), ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2026, títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ (Àlàmísì), ọjọ́ 12 oṣù Kejì kan náà. Ilé tí kò bá sí nínú àdúgbò mẹ́rin wọ̀nyí yóò máa rí omi rẹ̀ bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀.

A mọ̀ pé àìsí omi nira, pàápàá fún ilé tí ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn bá wà, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ parí iṣẹ́ náà kí ààwẹ̀ Ràmádáànì tó bẹ̀rẹ̀. Kí onílé àti ayálégbé pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, dúróòmù àti táńkì tó mọ́, tó sì ní ìdérí, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, tó ṣú. Kí àwọn mọ́ṣáláṣí náà pọn omi ààlùwàlá sílẹ̀ bákan náà. Ẹni tí omi bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu omi odò Asà tàbí omi kànga tí kò ní ìdérí láìsè é.

Nígbà tí omi bá padà dé, ó lè kọ́kọ́ pọ́n nítorí ìpẹtà àti iyẹ̀pẹ̀ inú páìpù. Kí ẹ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ títí omi yóò fi mọ́. Kí ẹ má fi omi pípọ́n náà dáná, kí ẹ má sì fọ aṣọ funfun nínú rẹ̀. Títí di òpin ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kí ẹ máa se omi mímu títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù nínú ohun tí ẹ bò.

Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe yìí. Òṣìṣẹ́ wa kankan kò ní gba owó lọ́wọ́ onílé, kò sì ní wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè owó lórúkọ iṣẹ́ yìí, kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín.